Ìwé Méjì tí Mo Fi Pe Àlejò sí Bẹ̀sẹ́

Ìwé méjì wà nínú àpótí mi tí n kò lè jù nù. Èmi ni mo kọ àwọn méjèèjì, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú wa, àwa tí a ń lọ sí Yunifásítì Àgbómì-Kàlàfí àti ti Pàràkú, tí a sì máa ń padà sí Bẹ̀sẹ́ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Iṣẹ́ kan náà ni mo rán wọn: kí wọ́n lọ pe ẹni tí yóò wá bá wa sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ mú àlejò wá, ojú sì tì wá. Ti èkejì mú àlejò wá, títí di òní ni àwọn ará ilé wa sì ń rántí ohun tí ó sọ. Bí mo bá tẹ́ àwọn méjèèjì síwájú mi, ohun mẹ́rin péré ni mo rí tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀: orí ọ̀rọ̀, ọjọ́, àwọn olùgbọ́, àti owó. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá láti kọ sínú ìwé.

Ti ọdún 2018 gùn tó ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Èdè Faransé ni mo fi kọ ọ́, èyí tí ó ga jù lọ tí mo mọ̀. Mo kí àlejò náà, mo yìn ín, mo sì tún un yìn. Nígbà tí mo dé ìdí ọ̀rọ̀, mo ní kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí “Ọ̀dọ́ àti Ìdàgbàsókè” ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kẹjọ, níwájú “ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn”. Nípa owó, n kò kọ ohunkóhun. Olùkọ́ yunifásítì ni ẹni tí a pè, ó jù wá lọ ní ọjọ́ orí àti ní ìmọ̀. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ owó fún un, yóò dà bí ìgbà tí mo ń ná ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà.

Ó dáhùn pé òun gbà. Ó sì wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó bàjẹ́ ni ọjọ́. Lọ́dún náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹjọ, ni Iléyá bọ́ sí. Àbámẹ́ta tí mo mú jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ọdún, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń wá àgbò kiri, tí àwọn obìnrin sì ń ra ata, òróró àti aṣọ ọmọ. Nínú yàrá ilé-ẹ̀kọ́ tí a yá, ènìyàn mẹ́tàlélógún ni mo kà. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá ariwo gbohùngbohùn wọlé. Àwọn àgbà márùn-ún jókòó síwájú. Wọn kò gbọ́ Faransé.

Olùkọ́ náà ti pèsè ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: bí a ṣe ń yan iṣẹ́, bí a ṣe ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ, bí a ṣe ń wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí òkè òkun. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ kọ́ ni ó ni ín. Mo rí i bí ó ti ń yí ojú ìwé méjì-méjì, tí ó ń wá ibi tí òun lè gbà sọ̀kalẹ̀ láìṣubú. Nígbà tí ó parí, alága wa dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó na àpòòwé kan sí i, ó sì ní kí a pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún fráǹkì ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé láti Kútọnú dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa lórí alùpùpù akérò, àti àpadàbọ̀, 12,000 fráǹkì ni ó ná. A ti gba 7,000 lọ́wọ́ àlejò wa, a sì tún ní kí ènìyàn pàtẹ́wọ́ sí i.

Kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kan. Ó dúpẹ́, ó gun alùpùpù, ó lọ. Ìgbà tí a tún pè é lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ó ní àyè kò sí.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2019 ń parí lọ, mo mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn lọ bá a pé kí ó bá mi tún Faransé inú rẹ̀ ṣe, kí n lè lò ó fún àlejò mìíràn. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ọmọ mi, Faransé rẹ dára. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Bí èmi bá jẹ́ àlejò yìí, kí ni mo fẹ́ sọ?”

Mo ní, “Ẹ ó sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè ni, Bàbá.”

“Ti ta ni? Ìdàgbàsókè ẹ̀gẹ́ ni, àbí ti ènìyàn? Wákàtí mélòó? Àwọn wo ló máa gbọ́ mi, èdè wo ni wọ́n sì gbọ́? Ta ni yóò san owó ọkọ̀ mi? Níbo ni n ó sùn?” Ó dá ìwé náà padà fún mi. “O kí mi ní ìlà mẹ́sàn-án, o kò sì dáhùn ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Ìkíni kì í gbé àlejò dé ilé.”

Mo sọ fún un pé owó ni ó tì mí lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun kan tí mo kọ sẹ́yìn ìwé náà lójú ẹsẹ̀: “A kì í ra ọ̀rọ̀ àgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí àgbà fi owó ara rẹ̀ ru ọ̀rọ̀ náà wá fún wa.” Ó wá pín owó náà sí ọ̀nà méjì fún mi. Owó ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè ni, a sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí àlejò tó kúrò nílé. Owó ìmoore ni èkejì. Ìyẹn kì í ṣe iye tí ọ̀rọ̀ náà tó, nítorí náà kí a má ṣe bí ẹni pé ó tó o. Kí a kọ iye tí a ní, kí a sọ pé ohun tí agbára wa ká ni, kí àlejò lè pinnu nílé ara rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń wò ó. “Ẹni tí ó bá kọ̀ nílé kò bà ọ́ nínú jẹ́,” ni ó wí. “Ẹni tí ó gbà láìmọ̀, tí ó wá mọ̀ níwájú èrò, òun ni o ṣẹ̀.”

Nítorí náà kí n tó kọ ìwé kejì, akápò wa àti èmi jókòó ti ìṣirò. Àwa méjìlélọ́gbọ̀n ni a san 1,000 fráǹkì ẹnì kọ̀ọ̀kan: 32,000. A yọ 12,000 fún owó ọ̀nà, lílọ àti bíbọ̀. A yọ 3,000 fún oúnjẹ, nítorí ilé ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ni àlejò yóò sùn sí láìsanwó. A yọ 2,000 fún omi mímu àwọn olùgbọ́. Ohun tí ó kù ni 15,000, òun ni a sì pinnu pé yóò jẹ́ owó ìmoore. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú àpò kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe kọ iye tí mo ń retí pé ẹnì kan yóò dá fún wa.

Orí ọ̀rọ̀ náà gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó ń dun ìlú ni a wá, a sì rí i: ilẹ̀. Lọ́dún náà, ilé méjì tí mo mọ̀ dáadáa ti ta oko ẹbí, ọmọ kan tẹ̀ka, àwọn yòókù kò mọ̀. Bí a bá kọ “Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀” lásán, a ti tún padà sí “Ọ̀dọ́ àti Ìdàgbàsókè”. Bàbá ní kí n kọ orí ọ̀rọ̀ náà ní ìbéèrè, kí n sì fi ìbéèrè mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀, irú èyí tí ẹni tí ó ń pa epo lóko lè bi amòfin. Amòfin obìnrin kan ní Kútọnú ni a kọ ìwé náà sí. Ní ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje, mo fi ránṣẹ́, ẹ̀dà kan ní Faransé, ẹ̀dà kan ní Yorùbá. Èyí ni ti Yorùbá, láìsí orúkọ:

“Sí Ìyá wa, Amòfin.

“A kí yín o. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bẹ̀sẹ́ ni a jẹ́, a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀.

“Orí ọ̀rọ̀: Kí ni kí á béèrè kí á tó tẹ̀ka sí ìwé títà ilẹ̀? A fẹ́ kí ẹ dáhùn ohun mẹ́ta. Ìwé wo ni òfin mọ̀ fún ilẹ̀ tí a jogún láìní ìwé? Àwọn wo nínú ẹbí ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó tà á? Kí ni ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin nínú rẹ̀?

“Ọjọ́: Àbámẹ́ta, 17 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì fún ọ̀rọ̀ yín, wákàtí kan fún ìbéèrè. Ẹ ó dé ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó sì lè padà ní ọ̀sán Àbámẹ́ta.

“Àwọn olùgbọ́: Bí ọgọ́ta ènìyàn. Ìdajì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Faransé. Ìdajì jẹ́ òbí tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀wé. Yorùbá ni a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kò sí iná mànàmáná nínú yàrá náà.

“Owó: 12,000 fráǹkì fún owó ọ̀nà, a ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ibùsùn àti oúnjẹ wà ní ilé ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Owó ìmoore jẹ́ 15,000 fráǹkì. A mọ̀ pé kò tó iṣẹ́ yín. Ohun tí agbára ẹgbẹ́ wa ká nìyẹn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lésì kí ó tó di 15 oṣù keje, kí a lè pe ẹlòmíràn bí àyè kò bá sí fún yín.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ọjọ́ tí a mú. Lọ́dún 2019, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹjọ. Àjọ̀dún Màríà tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe ní 15 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ní 17, ọdún méjèèjì ti kọjá, àwọn ọmọ ìlú tí ó wálé ṣọdún kò sì tíì padà. Kàlẹ́ńdà kan náà ni ó wà lára ògiri lọ́dún 2018. A kò wò ó ni.

Ọjọ́ kẹrin, ìyá náà pè mí lórí fóònù. Kò sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú àwọn òbí tí ẹ kọ yìí, obìnrin mélòó ni yóò wà ńbẹ̀? Ṣé àwọn náà ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wọn, àbí lórí ti ọkọ?” N kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wádìí. Mo yí ká ilé fún ọjọ́ méjì, mo sì padà bá a sọ pé púpọ̀ nínú wọn ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ, àwọn opó mẹ́rin sì wà tí ẹbí ọkọ ti ń lé kúrò. Nígbà náà ni ó ní, “Ó dáa. Ẹ fi ìbéèrè kẹrin kún un: kí ni ẹ̀tọ́ opó? N ó wá.”

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ àmì kan. Àlejò tí ó bá dáhùn “mo gbà” láìbéèrè ohunkóhun, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì rí àwọn tí yóò bá sọ̀rọ̀ lójú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ìwé náà bá yé, yóò béèrè nípa àwọn olùgbọ́. Bí kò bá béèrè, kí akọ̀wé pè é, kí ó sì sọ fún un.

Ní Kàlàfí, mo ka ìtàn kan tí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ olùgbọ́ yìí jinlẹ̀ ju ti Bẹ̀sẹ́ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú ìjọba Churchill, wá bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ṣáájú ni Churchill àti Roosevelt ti kéde Ìwé Àdéhùn Àtìláńtíìkì, tí ó sọ pé kí gbogbo ènìyàn yan irú ìjọba tí ó wù wọ́n. Níwájú àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyẹn, Attlee sọ pé ìlérí náà kan gbogbo ìran ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án, Churchill sọ nílé ìgbìmọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Jámánì gbà ni àwọn ní lọ́kàn ní pàtàkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbàgbé èyí tí wọ́n ti fi etí ara wọn gbọ́. Bí yàrá náà bá kún fún àwọn mìíràn, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ó gbọ́. Ẹni tí ó jókòó wà lára ohun tí ẹni tí ó dúró yóò sọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà olùgbọ́ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ “ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn”.

Gbogbo ètò wa kọ́ ni ó yọrí sí rere. Ní Ọjọ́rú tí ọjọ́ náà ku ọ̀la mẹ́ta, àgbà kan kú ní àdúgbò, wọ́n sì fi ìsìnkú sí òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ kan náà ni mo pe ìyá náà, nítorí Bàbá ti ní kí n máa pe àlejò ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, bí nǹkan yí padà tàbí kò yí padà. A jọ sún ọ̀rọ̀ náà sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì sun oorun ọjọ́ kejì ní Bẹ̀sẹ́. Owó oúnjẹ ọjọ́ kan tí ó lé, ìyá tí ó gbà á sílé ni ó gbé e. Bí a kò bá pè é, ì bá dúró níwájú ìjókòó òfìfo.

Ènìyàn mọ́kànléláàádọ́rin ni ó wá. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú dé. Ìyá náà kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó sọ fún wọn pé òfin ilẹ̀ tí ó jáde ní 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 mọ ilẹ̀ ìbílẹ̀, ó sì ní ìwé ẹ̀rí tí a lè gbà fún un. Ó sọ pé òfin ẹbí ti ọdún 2004 fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ìpín kan náà nínú ogún. Nígbà tí ó sọ èyí, ariwo sọ láàrin àwọn ọkùnrin. Ó dúró títí tí wọ́n fi dákẹ́, ó sì tún un sọ. Wákàtí kan tí a fi sílẹ̀ fún ìbéèrè kò tó. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn opó mẹ́rin náà bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n bá òun kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Lálẹ́, nínú ilé, kì í ṣe lórí pèpéle, akápò wa gbé àpòòwé àti ìwé gbígbowó kalẹ̀. Mo rò pé yóò dá owó náà padà, ojú sì ti ń tì mí. Ó kà á, ó bọwọ́ lùwé.

Ó ní, “Mo lè fi í sílẹ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹ ó máa sọ ọ́ kiri pé mo kọ owó. Ẹni tí ẹ bá pè lọ́dún tí ń bọ̀, tí ó sì nílò rẹ̀, ojú yóò tì í láti gbà á. Ẹ jẹ́ kí n gbà á, kí ẹni tó ń bọ̀ lè gbà á.”

Ìwé gbígbowó náà ni mo fi kún ìwé méjì tí ó wà nínú àpótí mi. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, mo fi iṣẹ́ akọ̀wé lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Mo fún un ní ẹ̀dà ìwé kejì kí ó lè máa wò ó kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní ẹ̀dà ti àkọ́kọ́, tí 12,000 àti 5,000 wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fi pẹ́ńsù kọ. Ó wò ó, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlejò yìí tilẹ̀ padà wá?” Mo ní rárá. Ó ká a, ó sì fi í sínú àpò rẹ̀ pọ̀ mọ́ èkejì.